Mo ṣírò 0.35, síkóòpù ní 0.73: kí ló ṣe ìdọ́gba asẹ́ Sallen-Key mi?

Àkànní_Wáyà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo to asẹ́ Sallen-Key sórí bùrẹ́dìbọ́ọ̀dù. R1 àti R2 jẹ́ 10 kΩ, C1 jẹ́ 22 nF, C2 jẹ́ 10 nF, ọ́pù-áńpù rẹ̀ jẹ́ TL072, géènì 1. Mo fi 1 V wọlé ní 1073 Hz, 0.73 V ló jáde. Ṣùgbọ́n tíráńsífà fọ́ńṣọ̀n tí mo fọwọ́ ara mi kọ ní 0.35 V ni kó jáde. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo ti tún un ṣe, ibì kan náà ni mo ń já sí. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni mo ti ṣìnà?

```
Vo/Vi = 1 / (1 + s(C2R1 + C2R2 + C1R1) + s²R1R2C1C2)
```

Ọmọ Alábà

Àbúrò, ìṣirò yẹn ti gùn jù. Wo bọ́ọ̀dù náà dáadáa. R1 pẹ̀lú C1, asẹ́ kan nìyẹn. R2 pẹ̀lú C2, asẹ́ kejì nìyẹn. Iṣẹ́ ọ́pù-áńpù tó wà lẹ́yìn wọn ò ju pé kó gba ẹrù kúrò lọ́rùn wọn. Gbogbo wa la mọ ìdọ́gba asẹ́ onírẹ̀sísítọ̀ kan àti kàpásítọ̀ kan, o kàn máa sọ méjèèjì di púpọ̀ ni, ó parí:

```
Vo/Vi = 1 / ((1 + sR1C1)(1 + sR2C2))
```

Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń tún áńpù ṣe, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe máa ń ronú sí i.

Àkànní_Wáyà

Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Mo ti fi àwọn nọ́ńbà mi sí i báyìí, 0.46 ni mo rí. Ó sún mọ́ síkóòpù ju tèmi lọ, àmọ́ kò tíì débẹ̀.

Ìyá Bólú

Ọmọ Alábà, òótọ́ ni ọ̀rọ̀ rẹ ì bá jẹ́ ká ní ọ́pù-áńpù kan wà láàárín asẹ́ àkọ́kọ́ àti èkejì. Ọ̀kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ìparí ọ̀nà ló sì jókòó sí. R2 ń fa kọ́rẹ́ǹtì kúrò níbi tí R1 àti C1 ti pàdé, torí náà asẹ́ àkọ́kọ́ kò dá dúró, a ò sì lè gbé ìdọ́gba rẹ̀ fún un bí ẹni tó dá wà. Ẹyọ ìyẹn nìkan ti tó láti ba ìsọdipúpọ̀ náà jẹ́.

Ṣùgbọ́n ohun kan tún wà tó jù ú lọ. Àkànní, gbójú sókè wo bọ́ọ̀dù rẹ. Níbo ni ẹsẹ̀ kejì C1 wọ̀?

Àkànní_Wáyà

Ẹnu ìjáde ni, mà. Ẹsẹ̀ 1 TL072.

Ìyá Bólú

Ó dáa. Wàá kọ ìdọ́gba oríta A fún mi, ìyẹn ibi tí R1, R2 àti C1 ti pàdé, gẹ́gẹ́ bí o ṣe kọ ọ́ sínú ìwé rẹ. Má tún un ṣe.

Àkànní_Wáyà

Èyí ni mà:

```
(Vi - Va)/R1 = (Va - Vo)/R2 + sC1·Va
```

Ìyá Bólú

Ibẹ̀ gan-an ni. Wo ẹyọ tó gbẹ̀yìn. Nígbà tí o bá kọ `sC1·Va`, ohun tí o ń sọ ni pé C1 ti orí oríta A lọ sí gíráǹdù. Bọ́ọ̀dù rẹ kò sọ bẹ́ẹ̀. Kọ́rẹ́ǹtì tó ń gba inú kàpásítọ̀ ń tẹ̀ lé ìyàtọ̀ fóltéèjì tó wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Ẹsẹ̀ kan wà ní Va, èkejì sì wà ní Vo, torí náà `sC1(Va - Vo)` ló yẹ kó wà níbẹ̀.

Ó dá mi lójú pé ojú rẹ ti mọ́ kàpásítọ̀ tó máa ń tẹsẹ̀ sí gíráǹdù jù. Ọ̀pọ̀ àwọn tí mo kọ́ níṣẹ́ yìí ló ti ṣe irú rẹ̀ lójú mi. Wọ́n á ya àwòrán náà bó ṣe yẹ, wọ́n á wá kọ ìdọ́gba àwòrán mìíràn.

Jẹ́ ká jọ rìn ín. Ibi tí ọ̀nà ti dín la ó ti bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ẹsẹ̀ 3 ọ́pù-áńpù. Kọ́rẹ́ǹtì kì í wọ ibẹ̀, ohun tó bá gba R2 kọjá, inú C2 ló ń lọ tààrà. Bí géènì sì ṣe jẹ́ 1, fóltéèjì orí C2 àti ti ẹnu ìjáde dọ́gba. Nítorí náà:

```
(Va - Vo)/R2 = sC2·Vo
Va - Vo = sC2R2·Vo
```

Má tíì sáré lọ sọ ọ́ di `Va = ...`. Jẹ́ kí `Va - Vo` wà bẹ́ẹ̀, torí òun gan-an la máa lò. Ní oríta A, ohun tó wọlé láti R1 pín sọ́nà méjì, ọ̀nà R2 àti ọ̀nà C1. `Va - Vo` yẹn ló ń ti kọ́rẹ́ǹtì ọ̀nà méjèèjì:

```
(Vi - Va)/R1 = (Va - Vo)/R2 + sC1(Va - Vo)
             = sC2·Vo + s²C1C2R2·Vo
```

Sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú R1, kó Va lọ sápá kejì, kí o sì rántí pé Va jẹ́ Vo àti `sC2R2·Vo` lápapọ̀:

```
Vi = Vo(1 + sC2R2 + sC2R1 + s²R1R2C1C2)

Vo/Vi = 1 / (1 + sC2(R1 + R2) + s²R1R2C1C2)
```

Fi í wé tìrẹ. `s²` kò yí padà. Ẹyọ `sC1R1` nìkan ló ti kúrò láàárín.

Àkànní_Wáyà

Mà, mo ti rí i! Mo fi nọ́ńbà sí i, 0.74 ló fún mi. Ẹ ṣeun gan-an ni.

Ṣùgbọ́n ohun kan ń jẹ mí lọ́kàn. C1 ṣì wà nínú `s²`, àmọ́ ó ti kúrò nínú ẹyọ `s` pátápátá. Báwo ni kàpásítọ̀ kan ṣe máa wà níbì kan tí kò ní sí níbì kejì? Lórí ìwé mo rí i, àmọ́ nínú wáyà mi ò tíì rí i.

Ìyá Bólú

Ìbéèrè tó yẹ kí o bi mí gan-an nìyẹn. Tí ènìyàn méjì bá di okùn kan mú lápá méjèèjì, tí wọ́n jọ ń rìn lọ ní ìṣísẹ̀ kan náà, okùn náà kò ní le. Bí C1 ṣe rí nìyẹn nígbà tí fíríkúẹ́ńsì bá kéré. Vo ń tẹ̀ lé Va lẹ́yìn pẹ́kípẹ́kí, ẹsẹ̀ méjèèjì C1 jọ ń gòkè, wọ́n jọ ń sọ̀ kalẹ̀, ìyàtọ̀ kankan kò sí láàárín wọn, kọ́rẹ́ǹtì kò gba inú rẹ̀. Ńṣe ló dà bíi pé o yọ ọ́ kúrò lórí bọ́ọ̀dù. Ìdí tí kò fi sí nínú ẹyọ `s` nìyẹn, torí ẹyọ `s` ló kọ́kọ́ ń hàn bí fíríkúẹ́ńsì ṣe ń kúrò ní òdo.

Bí fíríkúẹ́ńsì bá ti wá ń ga, C2 á máa fa Vo sẹ́yìn. Vo ò ní lè tẹ̀ lé Va mọ́, okùn á le, kọ́rẹ́ǹtì á máa gba C1. Nígbà tí Vo bá sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ẹsẹ̀ kejì C1 á dà bíi pé gíráǹdù ló wà. Ibẹ̀ ni C1 ti ń ṣe iṣẹ́ tí o rò pé ó ń ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, òun náà ló sì gbé e wọ inú `s²`.

O lè fojú rí i. Ní 1073 Hz gan-an, `s²R1R2C1C2` di -1, ó sì pa 1 tó wà níwájú rẹ̀ rẹ́. Ẹyọ àárín nìkan ló kù. Ohun tó jáde wá jẹ́ Q gẹ́lẹ́, ó sì máa fi 90° gbẹ́yìn ohun tó wọlé:

```
Q = √(R1R2C1C2) / (C2(R1 + R2))
```

Bí R1 àti R2 bá dọ́gba, èyí di ìdajì √(C1/C2). Tìrẹ jẹ́ ìdajì √2.2, ìyẹn 0.74. Lọ gbé ìmú síkóòpù kan sí ẹnu ìwọlé, èkejì sí ẹnu ìjáde, wo 90° yẹn. Lẹ́yìn náà, gbé e sí oríta A. Ó yẹ kí o rí nǹkan bí 0.89 V níbẹ̀. Bí síkóòpù rẹ bá lè yọ ìkànnì kan kúrò nínú èkejì, wo ohun tó wà láàárín ẹsẹ̀ méjèèjì C1, ìdajì volti ni wàá bá níbẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ kí o ṣe jù lọ wá rèé. Yọ ẹsẹ̀ C1 tó wà ní ẹnu ìjáde, kì í bọ gíráǹdù, kí o sì wo ohun tí síkóòpù máa sọ.

Lásún Súpíkà

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Irú asẹ́ yìí náà ni mo lò fún wúfà ilé mi, torí náà mo fẹ́ fi tèmi sí i. Rẹ̀sísítọ̀ méjèèjì jẹ́ 22 kΩ, kàpásítọ̀ méjèèjì jẹ́ 100 nF, mo sì fún ọ́pù-áńpù ní géènì díẹ̀ kí báàsì lè dún dáadáa: 22 kΩ láti ẹnu ìjáde sí ẹsẹ̀ 2, 10 kΩ láti ẹsẹ̀ 2 sí gíráǹdù.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ó ń kùn. Mi ò tíì kọ orin kankan sí i, yóò ti máa kùn gbùùù tí fèrèsé á fi máa gbọ̀n. Mo rò pé iná NEPA ni. Mo pààrọ̀ tíráńsífọ́mà, mo ra wáyà oníbòrí, mo tún gíráǹdù ṣe, owó ńlá ló bá a lọ. Ó ṣì ń kùn. Ṣé C1 yẹn náà ni mo gbé síbi tí kò yẹ ni?

Ọmọ Alábà

Lásún, gíráǹdù rẹ ni. Gbogbo gíráǹdù gbọ́dọ̀ pàdé lójú kan. Mo ti rí irú rẹ̀ tó kọjá kíkà.

Ìyá Bólú

Lásún, lo fóònù rẹ wọn fíríkúẹ́ńsì ìkùn náà ná. Tó bá jẹ́ pé iná ìjọba ni, 50 tàbí 100 ló máa wà.

Lásún Súpíkà

Mo ti wọ̀n ọ́n. Ó ń sáré láàárín 70 sí 71, kò lọ sí 50 rárá. Mo tún yọ ọ́ kúrò nínú iná, mo gbé e sórí bátìrì méjì. Ohùn kan náà.

Ìyá Bólú

Ọ̀rọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ gíráǹdù nìyẹn. Asẹ́ rẹ ló ń kọrin fúnra rẹ̀. Fi 22 kΩ àti 100 nF ṣírò, 72 Hz ni ojú ibi tí asẹ́ náà ti ń yí padà, bí géènì bá sì ti pọ̀ jù díẹ̀, ìgbì náà á máa gbá ògiri fóltéèjì, ohùn rẹ̀ á wálẹ̀ díẹ̀ sí i.

Àkànní, ìwọ náà fetí sí èyí, torí ìdọ́gba rẹ la ó tún lò. Ká ní géènì kì í ṣe 1 mọ́, ká pè é ní K. Fóltéèjì orí C2 di Vb, ẹnu ìjáde sì jẹ́ `K·Vb`. Gbogbo nǹkan yòókù wà bó ṣe wà, àmọ́ ẹsẹ̀ kejì C1 ti wà lórí `K·Vb` báyìí:

```
Va = Vb(1 + sC2R2)
(Vi - Va)/R1 = sC2·Vb + sC1(Va - K·Vb)

Vo/Vi = K / (1 + s[C2(R1 + R2) + R1C1(1 - K)] + s²R1R2C1C2)
```

Wo `R1C1(1 - K)`. Bí K bá jẹ́ 1, ó di òdo, a padà sí ìdọ́gba tí a kọ lẹ́ẹ̀kan. Bí o bá fi K sí òdo nínú àwọn ẹyọ ìsàlẹ̀ yẹn, ẹsẹ̀ C1 ti bọ́ sí gíráǹdù nìyẹn, ìdọ́gba àkọ́kọ́ tí Àkànní kọ ló sì máa jáde. Tí K bá wá ju 1 lọ, ẹyọ náà di ti ìyọkúrò. Ẹnu ìjáde kò kàn tẹ̀ lé Va mọ́, ó ń ti Va síwájú.

Nínú ti Lásún, rẹ̀sísítọ̀ dọ́gba, kàpásítọ̀ dọ́gba. Gbogbo ohun tó wà nínú àkámọ́ yẹn di `RC(3 - K)`, Q sì di `1/(3 - K)`. Géènì rẹ, Lásún, jẹ́ 1 pẹ̀lú 22 pín sí 10, ìyẹn 3.2. Yọ ọ́ kúrò nínú 3. Ó ti wọ inú òdì, -0.2. Ohun tó yẹ kó máa fa ìgbì sẹ́yìn ló wá ń tì í, torí náà díẹ̀ tó bá ti gbọ̀n níbẹ̀ á máa dàgbà títí tí fóltéèjì fi máa tán.

Lásún Súpíkà

Ha! Gbogbo owó tíráńsífọ́mà yẹn! Mà, mo ní 20 kΩ lọ́wọ́, ìyẹn máa sọ géènì di 3 gééré. Ṣé kí n fi í sí i?

Ìyá Bólú

Rárá o. Ẹnu ààlà gan-an ni 3 wà. Rẹ̀sísítọ̀ tó lé díẹ̀ tàbí tó dín díẹ̀ ló máa pinnu bóyá á kọrin tàbí kò ní kọ. Kódà 2.9 kò dáa, torí Q rẹ̀ á jẹ́ 10. Kò ní kọrin fúnra rẹ̀, àmọ́ gbogbo ìlù tó bá dún nítòsí 72 Hz á máa fà gùnnù-ùn lẹ́yìn tí onílù ti gbọ́wọ́ kúrò.

Wá 5.6 kΩ fi rọ́pò 22 kΩ yẹn. Géènì á jẹ́ 1.56, Q á sì jẹ́ 0.69. Ohùn á lọ sílẹ̀, ó máa tó ìdajì ohun tí o ń retí. Fi bọ́tìnì áńpù rẹ gbé e sókè padà, má ṣe gbé e sókè nínú asẹ́.

Ọmọ Alábà

Mo gbà, mà, kì í ṣe gíráǹdù. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n gbèjà irú èyí tí Lásún tò. Kàpásítọ̀ kan náà ni ènìyàn máa rà, rẹ̀sísítọ̀ kan náà, ibi tó bá wù ú ló sì lè fi géènì gbé Q sí. Ti Àkànní yẹn, kàpásítọ̀ tó jẹ́ ìlọ́po méjì èkejì gẹ́lẹ́ ni asẹ́ tí kò ní bú sókè ń fẹ́. 20 nF kì í sí ní ọjà, 22 ni wọ́n máa gbé fún ọ.

Ìyá Bólú

Ìyẹn náà ló jẹ́ kí Q Àkànní jẹ́ 0.74 dípò 0.71. Fún ojú àti etí, ìyàtọ̀ yẹn kò tó nǹkan. Tí 20 bá jẹ́ dandan, 10 méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ni.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nínú tìrẹ ni bí Q ṣe máa ń sá. Ká ní o fẹ́ Q 2, K á jẹ́ 2.5. Jẹ́ kí K yẹ̀ díẹ̀ lọ sí 2.6, Q ti di 2.5, ó ti fi ìdá mẹ́rin lé sí i. Nínú ti géènì 1, √(C1/C2) ló ń darí Q. Kàpásítọ̀ á yẹ̀ ní 10 nínú 100 kí Q tó yẹ̀ ní nǹkan bí 5. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìrẹ, mo ti ta irú rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n tí Q bá ti lé ní 1, géènì 1 ni màá tò.

Ọmọ Alábà

Q 2 kì í sábà sí nínú iṣẹ́ tèmi. Géènì 1.5 sí 1.6 ni mo ń lò ní gbogbo ìgbà, kò sì sá rí.

Àkànní_Wáyà

Mà, mo ti ṣe é! Mo yọ ẹsẹ̀ C1 kúrò ní ẹsẹ̀ 1, mo kì í bọ gíráǹdù. Nǹkan tó jáde wá sílẹ̀ lójú mi. 0.35 V, ó gbọ̀n díẹ̀ lọ sí 0.36. Mo dá a padà, 0.73. Mo tún mú un lọ. 0.35. Ó tó ẹ̀ẹ̀márùn-ún tí mo ṣe é.

Oríta A sì jẹ́ 0.88. Ti 90° náà, ibi tí ìgbì ìwọlé ti wà lórí, ibẹ̀ ni ìgbì ìjáde ti ń gba àárín kọjá.

Ìyẹn ni pé ìṣirò mi kò ní àbùkù, bọ́ọ̀dù mìíràn ló wà fún.

Ìyá Bólú

Bẹ́ẹ̀ ni. Ó dùn mọ́ mi pé o gbé e lọ gbé e bọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tó tẹ̀ lé e nìyí. Ní 1955 tí Sallen àti Key gbé asẹ́ yìí jáde ní Lincoln Laboratory ti MIT, áísíì kankan kò tíì sí láyé. Fáfù ni wọ́n fi ń ṣe ohun tí TL072 ń bá ọ ṣe, géènì irú fáfù bẹ́ẹ̀ kì í sì í pé 1 dáadáa, ó máa ń dín díẹ̀. Fi K tó dín díẹ̀ ní 1 sí ìdọ́gba gbogboogbò yẹn, wàá rí i pé `sC1R1` tó sọnù yẹn padà wá ní kékeré, Q sì lọ sílẹ̀ díẹ̀. Torí náà tí o bá ti ń kọ ọ́, kọ ọ́ pẹ̀lú K, kí o tó wá fi 1 sí i ní ìparí.

Dọ́tun_74

Ẹ kú ìjókòó. Ẹ gbà mí láyè, mo ní àtakò kan. Ìdọ́gba tí ẹ kọ sílẹ̀ yìí dára, àmọ́ kò sọ gbogbo òótọ́. Mo to irú ti Àkànní gẹ́lẹ́, LM741 ni mo lò. Gẹ́gẹ́ bí ìdọ́gba ṣe wí, bí fíríkúẹ́ńsì bá di ìlọ́po mẹ́wàá, ohun tó ń jáde á di ìdá kan nínú 100. Tí mo bá fi 1 V sí i ní 100 kHz, ìdá kan nínú mẹ́wàá millivolti ló yẹ kó jáde. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ń lọ sílẹ̀ dáadáa títí dé ibì kan, ó dúró, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ìgbì tó yẹ kó sé ti ń gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá.

Ìyá Bólú

Òótọ́ lo rí, Dọ́tun. A ti kọ ọ́ sínú ìdọ́gba láìsọ ọ́ jáde pé ẹnu ìjáde ọ́pù-áńpù lágbára tó láti di Vo mú, ohunkóhun tí ì báà máa tì í. 741 ò ní ju nǹkan bí 1 MHz lọ kí gbogbo géènì rẹ̀ tó tán. Ní 100 kHz, ohun tó ṣẹ́kù fún un kò ju ìlọ́po 10 lọ, ọwọ́ rẹ̀ ti rọ̀. C1 sì rèé, ní fíríkúẹ́ńsì yẹn ó ti di bíi wáyà lásán. Sígínà á gba R1 wọlé, á gba C1 kọjá, á bọ́ sí ẹnu ìjáde láìkan ọ́pù-áńpù rárá. Ẹnu ọ̀nà tí a ṣí fún ìdápadà ló gbà jáde.

R1 nìkan ló dúró lọ́nà rẹ̀. Nítorí náà jẹ́ kí R1 tóbi. Sọ rẹ̀sísítọ̀ méjèèjì di 100 kΩ, sọ kàpásítọ̀ di 2.2 nF àti 1 nF. Fíríkúẹ́ńsì àti Q ò ní yí padà, ohun tó ń jò á sì dín kù.

Dọ́tun_74

Lórí 741? Mà, kọ́rẹ́ǹtì tó ń wọ ẹnu 741 tó 80 nA. Àwọn 100 kΩ méjì ló máa gbà kọjá, 200 kΩ lápapọ̀. 16 mV tó dúró sójú kan nìyẹn, láìtíì fi sígínà kankan sí i. Àti pé rẹ̀sísítọ̀ ńlá máa ń hó. Sẹ́ńsọ̀ tí mo ń wọ̀n kò ju millivolti díẹ̀ lọ, 16 mV á bò ó mọ́lẹ̀.

Ìyá Bólú

O ṣeun, mo gbà fún ọ lórí 16 mV yẹn. Fi TL072 rọ́pò rẹ̀, ohun tó ń wọ ẹnu tiẹ̀ kéré débi pé o kò ní rí i lórí 200 kΩ. Ní ti híhó, 1 kHz ni o fẹ́ gé e sí, ohun púpọ̀ nínú híhó náà ni asẹ́ fúnra rẹ̀ máa gé dànù.

Dọ́tun_74

Ohun tí mo ṣe ni pé mo fi 1 kΩ àti 10 nF sẹ́yìn ẹnu ìjáde. Asẹ́ kékeré tó ń gé ní nǹkan bí 16 kHz nìyẹn, kò kan 1073 Hz tó nǹkan, ohun tó bá jò ló máa pàdé rẹ̀ lọ́nà. Kò sí ọ́pù-áńpù nínú rẹ̀, torí náà ọwọ́ rẹ̀ kì í rọ̀. Mo fara mọ́ èyí ju kí n sọ rẹ̀sísítọ̀ di ńlá lọ.

Ìyá Bólú

Ó máa ṣiṣẹ́ bí ohun tó tẹ̀ lé e kò bá fa kọ́rẹ́ǹtì. Tó bá jẹ́ ohun tó ń fa kọ́rẹ́ǹtì ni, 1 kΩ yẹn á di apá kan nínú ìṣirò rẹ. Kí ló wà lẹ́yìn tìrẹ?

Dọ́tun_74

ADC máíkírò ni. Ó ń bu kọ́rẹ́ǹtì díẹ̀díẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ wọ̀n. 10 nF yẹn ló ń gbà á mọ́ra, mo rò bẹ́ẹ̀.

Ìyá Bólú

Bó ṣe ń yára bù ú ló máa sọ. Mi ò ní dá ọ lẹ́jọ́ láìrí i. Gbé méjèèjì sórí bọ́ọ̀dù kan náà, ti 100 kΩ pẹ̀lú TL072, àti tìrẹ, kí o wọ̀n wọ́n láti 10 kHz lọ sókè.

Lásún Súpíkà

5.6 kΩ ti wọlé. Ó ti dákẹ́. Mo tan áńpù, mo dúró, mo fọwọ́ kan wúfà, kò mì. Mo kọ orin sí i, báàsì wà níbẹ̀. Kò pọ̀ tó bí mo ṣe fẹ́, àmọ́ ó mọ́.

Mà, tí mo bá gbé e lọ sí 8.2 kΩ ńkọ́?

Àkànní_Wáyà

Ẹ̀gbọ́n Lásún, ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú rẹ̀. K á jẹ́ 1.82, Q á jẹ́ 1 pín sí 1.18, ìyẹn 0.85. Ó máa yọrí díẹ̀ sókè kó tó 72 Hz, kò sì ní kọrin. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni, mà?

Ìyá Bólú

Bẹ́ẹ̀ ni.

Dọ́tun_74

TL072 mi ti tán. Màá rà á ní Sátidé, màá wọ̀n méjèèjì, màá sì mú nọ́ńbà wá. Títí di ìgbà yẹn, mi ò tíì kúrò lórí 1 kΩ mi.